Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Alhaja Lórí Kíka Ọjà Lóṣooṣù

Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù fún ọlọ́jà ní Kúbwà, ní Nyányá, ní Gwágwáládà àti káàkiri Àbújá níbí, mo kí yín. Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni lẹ́tà tí mo kọ sí Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ń bójú tó, nínú èyí tí mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí a máa ka ọjà tó wà nílẹ̀ lóṣooṣù dípò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. N ó ka lẹ́tà náà fún yín ní apá-apá, n ó sì máa dúró níbi tó bá gba àlàyé.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́. Oúnjẹ inú páálí àti inú agolo ni à ń tà: núdùlù, mílíìkì, ṣúgà, tòmátì alágolo, bisikíìtì, ọṣẹ àti irú wọn. Àwọn tó ní ìsọ̀ kéékèèké ní àdúgbò ń wá ra páálí, àwọn ará ilé sì ń wá ra ẹyọ. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, sítọ́ọ̀ wà lẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ kan ló sì wà láàárín méjèèjì. Ìlọrin ni Alhaja ń gbé, wọn kì í sì í lè wá sí Àbújá lemọ́lemọ́. Ẹni tí ọ̀nà jìn sí ọjà rẹ̀ kò lè fojú rí i, ìwé nìkan ló ń rí, bí ìwé bá sì ti ṣàṣìṣe, kò sí bí yóò ṣe mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà pọ̀ nínú rẹ̀ gba kí ènìyàn jókòó tì í, kí ó kà á lákàtúnkà.

Bí lẹ́tà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Alhaja, ìyá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo ilé. Mo kọ ìwé yìí láti tọrọ àyè lọ́wọ́ yín pé kí a máa ka ọjà wa ní Sunday tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, oṣù December nìkan ni a ń kà á. Kíkà ti December yẹn ń sọ iye tó dín fún wa, ṣùgbọ́n kì í sọ ìdí tó fi dín, nítorí pé nígbà tí a bá fi máa mọ̀ pé nǹkan kò pé, ó lè ti di oṣù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gba ọjà wọlé lọ́jọ́ náà ti lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọnù, ẹni tó kó ọjà wá kò sì ní gbà pé ọjà òun ni."

Ẹ ó rí i pé n kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń jalè. N kò kọ lẹ́tà náà láti fẹ̀sùn kan ènìyàn, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí pé bí alábòójútó bá ti sọ pé òun fẹ́ ka ọjà, ohun tí ọlọ́jà àti àwọn ọmọ ìtajà máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé olè ti wọlé. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àkókò. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìwé àti ọjà ní ìdí, ìdí náà sì ní ẹlẹ́rìí, yálà ìwé ni tàbí ènìyàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ẹlẹ́rìí yẹn ṣì wà nítòsí. Bí ọdún bá fi yí po, wọn kò sí mọ́, iye tó dín nìkan ló kù nílẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: gbogbo ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wọn.

Àwọn kan lè sọ pé òfin kò béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ. Òótọ́ ni. Òfin tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ tó fi orúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2020, ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà ní àkọsílẹ̀ ọjà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìṣirò èrè lè tọ̀nà ni òfin fi béèrè bẹ́ẹ̀. Iye owó ọjà tí a bá ní ní ìbẹ̀rẹ̀, tí a fi iye tí a rà kún un, tí a wá yọ èyí tó kù ní ìparí kúrò, òun ni owó ọjà tí a tà. Bí a bá ṣi èyí tó kù kà, tí a kọ ọ́ ju bó ṣe wà lọ, owó ọjà tí a tà yóò kéré lórí ìwé, èrè yóò sì dà bíi pé ó pọ̀. Ọlọ́jà tó bá ń ná irú èrè bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù ń jẹ owó ọjà rẹ̀ láìmọ̀, December ni ojú rẹ̀ yóò sì là. Alhaja máa ń yọ owó lóṣooṣù fún ìnáwó ilé àti fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé: "Ohun tí ẹ ń yọ lóṣooṣù, ó yẹ kí ẹ mọ̀ lóṣooṣù bóyá inú èrè ló ti wá."

Kí n tó kọ lẹ́tà náà, mo ti dán ìkà oṣooṣù wò lórí àwọn ọjà díẹ̀, kí n má baà fi èrò lásán lọ bá àgbà. Ọ̀kan nínú wọn ni mo lò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a ti pẹ́ díẹ̀ lónìí. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe kọ ọ́:

"Ẹ jẹ́ kí n fi núdùlù kékeré ṣe àpẹẹrẹ, Alhaja, èyí tí páálí rẹ̀ ń gba ẹyọ 40. Nígbà tí a kà á ní ìparí oṣù tó ṣáájú, páálí 62 àti ẹyọ 15 ló wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 2,495. Láàárín oṣù náà, wébíìlì sọ pé páálí 150 wọlé, èyí tó jẹ́ ẹyọ 6,000. Rìsíìtì sọ pé a ta páálí 138, a sì tún ta ẹyọ 1,260 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,780. Bí a bá fi ohun tó wà nílẹ̀ kún ohun tó wọlé, tí a yọ ohun tí a tà kúrò, ó yẹ kí ẹyọ 1,715 kù, ìyẹn páálí 42 àti ẹyọ 35. Ohun tí a kà ni páálí 37 àti ẹyọ 22, ìyẹn 1,502. Ẹyọ 213 kò sí níbẹ̀. Bí a bá ka ẹyọ kan sí ₦200, owó rẹ̀ jẹ́ ₦42,600, lórí ọjà kan ṣoṣo, láàárín oṣù kan."

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹyọ ni mo sọ gbogbo rẹ̀ dà kí n tó ṣírò rẹ̀, kì í ṣe páálí. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta páálí tó sì tún ń ta ẹyọ, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù. Ọmọ ìtajà á tú páálí kan láti ta ẹyọ, ìwé á sì máa kà á sí odidi páálí síbẹ̀. Tàbí kí ó kọ "3" sórí rìsíìtì láìsọ bóyá páálí 3 ni tàbí ẹyọ 3, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá sì gbà pé páálí ni. Àṣìṣe kan bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹyọ 117 dà bí ohun tó sọnù tàbí ohun tó lé, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọjà. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ bá ń lọ ní ìlọ́po 39, ìyẹn 39, 78 tàbí 117, lórí ọjà tí páálí rẹ̀ ń gba 40, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín páálí kan àti ẹyọ kan nìyẹn. 213 kì í ṣe ìlọ́po 39, nítorí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe páálí àti ẹyọ nìkan ló fà á.

Bí a ṣe wá ìdí rẹ̀ ní ìlànà. A kọ́kọ́ tún núdùlù náà kà, àwọn méjì mìíràn ló sì kà á, kì í ṣe àwọn tó kọ́kọ́ kà á. Iye kan náà ni wọ́n rí. Ìgbà tí èyí dájú ni a tó yíjú sí ìwé, kì í ṣe sí ènìyàn. Mo béèrè pé kí wọ́n fi rìsíìtì tó gbẹ̀yìn kí a tó bẹ̀rẹ̀ kíkà hàn mí, àti èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ti lẹ́yìn yẹn, tí wọ́n kọ ní àárọ̀ Monday, jẹ́ páálí 2 tí oníbàárà wa kan ti gbé lọ ní ìrọ̀lẹ́ Saturday pé òun yóò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí òun bá délé. Ọjà ti jáde kí a tó kà, ìwé rẹ̀ sì wá lẹ́yìn tí a kà tán. Ẹyọ 80 nìyẹn, kò sì sọnù rárá; owó rẹ̀ ti wọlé.

Lẹ́yìn náà ni mo kó wébíìlì oṣù náà jọ. Ìgbà mẹ́ta ni núdùlù wọlé láàárín oṣù yẹn. Lára wọn ni ọ̀kan tó sọ pé páálí 60, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wa sì ti buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n àwọn alábàárù tó ń já ẹrù fún wa, iye páálí ni a fi ń san owó wọn, ìwé kékeré kan sì wà níbi tí a ti ń kọ ohun tí wọ́n gbé. Lọ́jọ́ yẹn, owó páálí 57 ni a san fún wọn. Kò sí alábàárù tó máa gbé páálí 60 tí yóò gba owó 57. Mo pe ẹni tó kó ọjà náà wá, mo ka nọ́ńbà wébíìlì rẹ̀ fún un. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yẹ sítọ́ọ̀ tiwọn wò, wọ́n rí i pé páálí 3 lé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ọjà tí a rà tẹ̀ lé e. Ẹyọ 120 nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo ohun tó gba páálí mẹ́ta yẹn là: ìwé kékeré owó alábàárù ni. Irú ìwé yẹn kì í pé oṣù méjì kí wọ́n tó fi di èpà.

Èyí tó kù di 13. Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń tọ́jú pẹpẹ náà, ó mú ọ̀rá kan jáde ní ìsàlẹ̀ káńtà, tí núdùlù 9 tí eku ti fi eyín ya wà nínú rẹ̀. Ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí a ní kí ó kọ ọ́ sí. Ẹyọ 4 ló ṣẹ́ kù tí a kò rí ìdí rẹ̀ di òní, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé a kò rí ìdí rẹ̀. ₦16,000 nínú ₦42,600 kì í ṣe àdánù, ₦24,000 padà sọ́wọ́ wa, àdánù tòótọ́ sì jẹ́ ₦2,600, èyí tí ₦1,800 nínú rẹ̀ jẹ́ ti eku. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, mo sì fi kún un pé: "Alhaja, bó bá jẹ́ pé December ni a tó kà á, ₦26,600 nínú owó yìí ni à bá kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n jí, ẹ̀sùn náà ì bá sì wà lọ́rùn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn yìí ń dùn mí, n kò sì lè fò ó kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbí, bí ọjà bá dín, wọn a pín owó rẹ̀ sórí gbogbo ọmọ ìtajà, wọn a sì yọ ọ́ lára owó oṣù wọn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fàyè gbà á bẹ́ẹ̀. Kí a tó lè yọ owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí àdánù, àdánù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti fi ìwé fọwọ́ sí i ṣáájú. Pípín àdánù sórí gbogbo wọn ń fìyà jẹ olódodo pọ̀ mọ́ ẹlẹ́bi, ó sì ń kọ́ ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan nǹkan rí pé bó ṣe wù kí òun ṣe, òun yóò san án. Mo bẹ Alhaja nínú lẹ́tà pé bí wọ́n bá gbà kí a máa kà lóṣooṣù, kí wọ́n má ṣe yọ owó ẹnikẹ́ni látàrí iye tí a kà nìkan, àyàfi bí a bá rí ìdí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni kan. Láìsí ìlérí yẹn, àwọn ọmọ ìtajà fúnra wọn ni yóò ba ìkà náà jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa san ohun tó dín yóò kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tó rí.

Apá tó tẹ̀ lé e nínú lẹ́tà ni bí a ó ṣe máa kà á:

"Sunday tó gbẹ̀yìn nínú oṣù ni mo mú, kì í ṣe ọjọ́ tó gbẹ̀yìn gan-an, nítorí pé ìparí oṣù ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọlé, ọjà sì máa ń yá gan-an nígbà náà. Aago 2 ọ̀sán ni a ó ti ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, ọjà kankan kò ní wọlé, kò sì ní jáde títí a ó fi kà tán, kódà bí ọkọ̀ ẹrù bá dé, yóò dúró. Kí a tó ka ẹyọ kan ṣoṣo, a ó kọ nọ́ńbà rìsíìtì tó gbẹ̀yìn àti nọ́ńbà wébíìlì tó gbẹ̀yìn sí orí ìwé, a ó sì béèrè bóyá ọjà kan wà tó ti jáde tí a kò tí ì kọ ìwé rẹ̀, tàbí tí a ti gba owó rẹ̀ tí kò tí ì jáde."

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, ọ̀rọ̀ páálí 2 ti Saturday ló kọ́ mi láti fi sí i. Bí Sunday yìí ṣe máa ń bọ́ sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oṣù kan yóò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín ìkà méjì, òmíràn yóò ní márùn-ún. Kò sí ewu níbẹ̀, tí a bá ti rí i pé rìsíìtì àti wébíìlì tí a ń ṣírò jẹ́ ti àárín ìkà méjèèjì gẹ́lẹ́, kì í ṣe ti oṣù orí kàlẹ́ńdà.

"Àwọn méjì-méjì ni yóò máa kà. Ẹnìkan yóò ka ọjà yóò sì pe iye rẹ̀ sókè, ẹnì kejì yóò tún un pè, yóò sì kọ ọ́. Ẹni tó ń tọ́jú pẹpẹ kan kò ní ka pẹpẹ yẹn. Orúkọ ọjà àti ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni yóò wà lórí ìwé tí wọ́n máa fi kà á, pẹ̀lú àyè ọ̀tọ̀ fún páálí àti àyè ọ̀tọ̀ fún ẹyọ. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ní sí lórí ìwé náà. Bírò ni wọn yóò fi kọ ọ́, èyí tí wọ́n bá ṣì kọ, wọn yóò fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, wọn yóò sì buwọ́ lù ú."

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń béèrè ìdí tí a kò fi fi iye tó yẹ kó wà sórí ìwé, kí iṣẹ́ lè yá. Ojú ènìyàn a máa gbà pẹ̀lú ohun tí ìwé ti sọ fún un. Bí ìwé bá ti sọ pé 120, ẹni tó ń kà yóò rí òkìtì páálí kan tó fẹ̀ ní 5, tó jìn ní 4, tó ga ní 6, yóò ní 120 ni, yóò sì kọjá lọ. Kò ní wo ẹ̀yìn, níbi tí ẹnìkan ti fa páálí jáde láti ìlà tó kẹ́yìn, tàbí ibi tí páálí òfìfo ti wà láàárín, tí wọ́n tú ẹyọ inú rẹ̀ tà tí wọ́n sì dá a padà sórí òkìtì. Kí ẹni tó ń kà fọwọ́ gbé páálí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àti lókè, kí ó wo ẹ̀yìn òkìtì pẹ̀lú iná fóònù, kí ó sì fi ẹfun sàmì sí ibi tó ti kà tán kí a má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá ń kà, kí a tún máa wo ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́. Èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí a ń kà gẹ́gẹ́ bí ọjà títà. Àyè tirẹ̀ ni kí a kọ ọ́ sí. Èyí tó sì kù díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ pé, iwájú ni kí a gbé e sí kí ó kọ́kọ́ tà.

Nǹkan bí 400 oríṣi ọjà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀sán kan kò sì tó láti ka gbogbo rẹ̀ dáadáa. Mo dábàá pé kí a máa ka àwọn tó ń tà jù àti àwọn tí owó wọn pọ̀ jù lóṣooṣù láìyẹ̀, kí a sì pín ìyókù sí mẹ́ta, kí a máa ka ìdá kan lóṣooṣù, tó fi jẹ́ pé láàárín oṣù mẹ́ta, kò ní sí ọjà tí a kò kà. Kíkà díẹ̀ tó péye sàn fún mi ju kíkà gbogbo rẹ̀ ní kánmọ́kánmọ́ lọ.

Ohun kan wà tí Alhaja fúnra wọn béèrè nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà náà tán: "Bí ọjà bá lé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìbùkún ni?" Mo ṣàlàyé pé èyí tó lé ń bà mí lẹ́rù bí èyí tó dín. Mo fi mílíìkì agolo hàn wọ́n: ńlá dín ní agolo 36, kékeré sì lé ní 36 gẹ́lẹ́. Ọmọ ìtajà kan ti ń kọ "mílíìkì" sórí rìsíìtì láìsọ irú èyí tó jẹ́, akọ̀wé sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ kékeré. Bí ènìyàn bá ka agolo gbogbo pọ̀, yóò pé pérépéré. Ṣùgbọ́n owó ńlá kì í ṣe owó kékeré, bí ọmọ ìtajà bá sì gba owó ńlá tó wá kọ ti kékeré, ìyàtọ̀ owó agolo 36 ti wọ àpò ẹnìkan. Lọ́tẹ̀ yìí, a yẹ owó tó wọlé wò, a sì rí i pé owó ńlá ló wọ inú àpótí, kíkọ nìkan ló ṣì. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a máa ṣírò ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a má ṣe fi èyí tó lé di ihò èyí tó dín.

Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ fún àwọn tó bá kà ní Sunday, pẹ̀lú ìdajì ọjọ́ ọjà tó máa ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni mo kọ sílẹ̀. Ìwé kan tún wà tí a rà, tí gbogbo ohun tó bá fọ́, tó ya tàbí tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rí i.

Mo sọ ibi tí agbára kíkà mọ fún wọn pẹ̀lú, kí wọ́n má baà gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọmọ ìtajà bá ta ọjà ₦300 ní ₦350 tó fi ₦50 sápò, ọjà yóò pé, owó inú ìwé yóò pé, kíkà kò sì ní rí nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá ra páálí tirẹ̀ wá láti ọjà Wúsé, tó tò ó sórí pẹpẹ wa, tó tà á fún oníbàárà wa láìkọ rìsíìtì, iye tí a kà lè bá ìwé mu síbẹ̀. Ìyẹn nílò kí ẹlòmíràn máa wá ra ọjà gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, kí ó béèrè iye, kí ó sì gba rìsíìtì. Alhaja gbà kí a bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yí ohun kan padà nínú ohun tí mo kọ, mo sì gbà pé ó dára ju tèmi lọ: ìwé tí a fi kà, kí a ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kan náà, kí èmi alábòójútó tó rí iye tó yẹ kó wà níbẹ̀, kí n má lè tún nọ́ńbà ṣe nítorí pé mo ti mọ ohun tí ìwé ń retí.